Ohun tí Hánà kò sọ fún Élì

Bíbélì kíkà wa láàárọ̀ yìí ni 1 Sámúẹ́lì orí kìíní, ẹsẹ 3 sí 18. Ẹ kà á tán kí ẹ tó máa bá mi bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí àdúgbò wa. Ẹ jẹ́ ká ní ìkómọ ni, nínú ọ̀kan lára àwọn kúlóòsì Fẹ́sítáàkì. Wọ́n ti ta kánópì dí ọ̀nà, ìrẹsì ti ń káàkiri, àga ti kún. Ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún méje, sáré kọjá níwájú àǹtí bàbá rẹ̀. Ó juwọ́, ó ní "Gúùdù mọ́nìn, Gíránmà," ó sì ń bá eré ẹ̀ lọ. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo yín, wọ́n wá gbé ohùn sókè tí tábìlì mẹ́ta fi gbọ́: "Ìyàwó wa, ṣé bí ẹ ṣe ń tọ́ ọmọ nìyí? Kò mọ ìkúnlẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ ti ba ọmọ yìí jẹ́."

Ẹni tó bá ti jókòó sórí àga yẹn rí mọ bí ara ṣe máa ń rí. Etí á gbóná, ẹnu á gbẹ. Ẹlòmíì á dákẹ́, á rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ẹlòmíì á ní, "Mọ́mì, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ọmọ tiyín ná." Àwọn kan wà, tiwọn ló sì ń dùn mí jù, tó jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n máa pè padà, wọ́n á fọ́ ọ létí lójú gbogbo èèyàn, kí ayé lè rí i pé àwọn náà mọ ọmọ tọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìgbátí yẹn díẹ̀. Nítorí ta lẹ ṣe gbá a? Lánàá, bí ọmọ yìí ṣe juwọ́ sí ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì nìyẹn, ẹ ò sọ nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé àwọn èèyàn ń wò yín báyìí. Ìtìjú yín ló di gbèsè, ọmọ lẹ wá ní kó san án. Kò ní lè ṣàlàyé ẹ̀, àmọ́ ó máa mọ̀ pé ohun tí wọn kì í na òun fún nílé, wọ́n ń na òun fún un lóde. Ìkíni kọ́ ló máa kọ́ níbẹ̀, ìbẹ̀rù òde ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbáwí lẹ fẹ́ ṣe tàbí ìtìjú ló ń tì yín, ẹ bi ara yín kí ọwọ́ tó gbéra: ká ní èmi àti ọmọ yìí nìkan la wà ní pálọ̀ wa, ṣé mo máa nà án fún èyí?

Ìdákẹ́ náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá ni pé kí ọmọdé má máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ pé òun ti bàjẹ́. Ojú màmá ẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, kó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bí màmá bá kàn wolẹ̀, ọmọ ti gba ìdáhùn nìyẹn.

Ibí ni Hánà ti wúlò fún wa. Ọdọọdún ni Elkana ọkọ ẹ̀ ń kó gbogbo ilé lọ sí Ṣilo láti rúbọ. Níbi àjọ yẹn gan-an, tí wọ́n ti ń pín ẹran fún oníkálukú, ni Penina orogún ẹ̀ ti máa ń fi àìrọ́mọbí gún un lára, títí á fi sunkún, tí kò ní lè jẹun. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àpèjọ ìdílé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó lọ gbàdúrà. Élì àlùfáà jókòó lẹ́bàá òpó ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu ẹ̀. Ètè ń mì, kò gbọ́ ohùn. Ó bá bá a wí pé ó ti mutí yó.

Ẹ wo bí obìnrin yìí ṣe fèsì. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò dákẹ́. Ó pe Élì ní olúwa òun, kò rí i fín. Ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an: òun ò fẹnu kan wáìnì, ìbànújẹ́ ló wà lọ́kàn òun. Ó tún bẹ̀ ẹ́ kó má ka òun mọ́ àwọn obìnrin búburú. Ó tán. Gbogbo ẹ̀ kò lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ wá ṣí orí kejì, kí ẹ rí ohun tí kò sọ. Hófínì àti Fíníhásì, àwọn ọmọ Élì, ń fi agbára gba ẹran lọ́wọ́ àwọn tó wá rúbọ, wọ́n sì ń bá àwọn obìnrin tó ń sìn lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ìpàdé sùn. Bíbélì sọ pé gbogbo Ísírẹ́lì tó ń wá sí Ṣilo ni wọ́n ń ṣe é fún. Ọdọọdún sì ni Hánà ń wá. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé kò gbọ́ ohunkóhun rí. Èsì tó máa dun Élì dé eegun wà nílẹ̀, kò mú un.

Mi ò rò pé ìbẹ̀rù ló fà á. Ìwà àwọn ọmọ Élì kò lè fi hàn bóyá Hánà mutí tàbí kò mu. Bákan náà, bí ọmọ Màmá ṣe dà kò lè sọ fún wa bóyá ọmọ tiwa mọ ìkíni. Bí ẹ bá ti la ẹnu mú àwọn ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ọmọ yín, ó ti di ọmọ ta ló burú jù. Àwọn ọmọ wọn yẹn sì lè jókòó sí tábìlì kejì, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín, wọn ò ṣẹ̀ yín.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ wa le ju ti Hánà lọ níbì kan. Irọ́ pátá ni ẹ̀sùn tiẹ̀. Tiwa máa ń ní òótọ́ nínú. Ọmọ yẹn kò gbọ́ Yorùbá lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ń gbé: ọdún 1977 ni wọ́n lo ìlú yìí láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà, látìgbà náà, ará ibi gbogbo ní Nàìjíríà ló ń gbé inú fúlátì kan náà. Ọmọ Ìgbò lókè, ọmọ Ẹ̀dó nísàlẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ fi ń ṣeré. Àwọn òbí ń ti Máìlì Tú wọlé lálẹ́, ó ti rẹ̀ wọ́n. Àlàyé gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n kò pa òótọ́ inú ọ̀rọ̀ Màmá rẹ́. Nítorí náà, ẹ gba apá tó jẹ́ òótọ́, ẹ sì kọ apá tí kì í ṣe òótọ́, lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ lè dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ní: "Ẹ ṣé, mà. Òótọ́ ni, kò tíì mọ ìkúnlẹ̀ dáadáa, a ṣì ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò bàjẹ́ o, mà. Ọmọ dáadáa ni." Kí ẹ wá di ọmọ lọ́wọ́ mú: "Wá, jẹ́ ká jọ kúnlẹ̀ kí Màmá."

Bí wọ́n bá ní, "Ẹn-ẹn, o ti ń fèsì fún mi?" ẹ ní "Ẹ má bínú, mà," kí ẹ lọ bu omi mu. Ẹ má sọ gbólóhùn míì. Níbi gbólóhùn kejì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe wa ni. Ṣùgbọ́n orí tó wọ́ lẹ́yìn ìyá jẹ́ ewu, kò ṣeé fi dọ̀la. Bí ọmọ yín bá ń sáré lọ sójú títì, tàbí tó fẹ́ fọwọ́ kan sàláńsà jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kí àgbà pariwo lójú gbogbo ayé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ má ka ti ohùn tí wọ́n lò. Ìkúnlẹ̀ lè dúró di wákàtí méjì sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ọmọ tó sùn, ẹ bi í pé kí ló gbọ́ tí Màmá sọ. Ẹ jẹ́ kó dáhùn kí ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun. Ó lè jẹ́ "bàjẹ́" nìkan ló gbọ́, kí ẹ tún un ṣe fún un. Ó sì lè jẹ́ bàlúùnù ló wà lọ́kàn ẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbé e lọ sórí Wasáàpù ìdílé. Mátíù 18:15 ní kí á lọ bá ẹni náà, òun nìkan. Àǹtí bàbá ọmọ ni, nítorí náà bàbá ọmọ ni kó lọ, kì í ṣe ìyàwó. Bí wọ́n bá ń gbé ní Sátẹ́láìtì Táùn, kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kó ra búrẹ́dì dání, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi òótọ́: "Mọ́mì, ohun tí ẹ sọ nípa Yorùbá, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé a ti ba ọmọ jẹ́, ọmọ náà gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà míì, ẹ pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́." Kó wá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́: kí wọ́n máa pe ọmọ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, Yorùbá nìkan. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń dùn wọ́n, wọ́n máa pè é.

Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá Élì lẹ ní tàbí Penina. Nígbà tí Élì gbọ́ òótọ́, ó yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ó sì súre fún Hánà. Penina mọ òótọ́ tẹ́lẹ̀, òótọ́ yẹn gan-an ló fi ń gún un. Kò sí àkọsílẹ̀ pé Hánà fún un lésì kankan. Bí Màmá bá tún ṣe é níbi ìsìnkú, tí wọ́n tún un ṣe níbi ìgbéyàwó, lẹ́yìn tí ẹ ti lọ bẹ̀ wọ́n, ẹ máa kí wọn dáadáa, ẹ jókòó sí tábìlì míì, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ níwájú wọn lóun nìkan. Bí ẹ ò bá sì lọ síbi àpèjọ kan, kò di ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Hánà bí Sámúẹ́lì tán, tí àkókò àti lọ sí Ṣilo tún dé, ó ní òun ò lọ títí òun á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Elkana ò bá a jà sí i.