Omi Tó Ń Ṣàn Kọjá Ìkòkò

Àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn yóò mu kò ní í ṣàn kọjá rẹ̀. N kò jiyàn ọ̀rọ̀ náà rí, àfi ní oṣù kìíní ọdún kan tí mo ti ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dé sí Aramọ̀kọ, tí mo bá ẹfinrin tí mo gbìn sínú ike ọ̀dà lítà 4 lẹ́yìn ilé, tó ti dorí kodò. Ọyẹ́ ló mú un. Ará Ìjerò, ará Ẹ̀fọ̀n tó wà láàárín òkè, gbogbo wa la mọ ọyẹ́ yẹn: ètè á bẹ́, aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá á ti gbẹ kí a tó yíjú padà.

Mo bu omi kún agolo, mo dà á lé e lórí. Kí n tó gbé agolo sílẹ̀, omi ti ń jáde nídìí ike. Mo ní ó ti yó nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rọ ju ti àná lọ.

Ìyá àgbà kan, ará Ẹ̀fọ̀n tó ń gbin ata sínú ike ládùúgbò wa, ló bá mi gbé e sókè. Ó fúyẹ́ bí òfìfo.

"Ìyá, mo bomi rin ín láàárọ̀ yìí o."

"Omi tí o dà yẹn, ta ló mu ún?"

Ó ti igi tín-ín-rín bọ inú iyẹ̀pẹ̀ náà, ó fà á yọ, kò sí ọ̀rinrin kankan lára rẹ̀. Ó wá fi àlàfo tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ àti ara ike hàn mí. Iyẹ̀pẹ̀ ti gbẹ, ó ti sún kì, ó sì ti fi ara ike sílẹ̀. Ibẹ̀ ni omi mi ń gbà lọ.

Àlàfo náà nìkan kọ́ o. Ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ tí à ń gbìn sí, àwọn wọ̀nyí sì ní ohun kan bí ìda nínú. Nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ bá tutù, kò sí wàhálà. Tó bá gbẹ kanrin, ìda yìí á bo hóró iyẹ̀pẹ̀, omi á sì máa yí lórí rẹ̀ bí ó ti ń yí lórí ewé kókò. Ẹ kán omi ẹyọ kan sí i kí ẹ wò ó: bí ó bá dúró roboto ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, iyẹ̀pẹ̀ náà ti ń kọ omi.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Omi tí a dà gìrì kò ní àsìkò láti wọlé. Ó nílò kí ó dúró ti iyẹ̀pẹ̀ náà pẹ́. A gbé ike sínú básíà níbi tí òòrùn kò dé, a bu omi sí i títí ó fi dé nǹkan bí ìdajì gíga ike. Omi pẹrẹsẹ inú abọ́ kò tó, nítorí ìwúwo omi tó yí i ká ló ń ti omi gba ihò ìdí wọlé. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tètè ń wọ̀ ọ́, irú èyí tí ẹsẹ̀ ń bá pàdé ní Ìkògòsì níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti dà pọ̀. Ike náà fẹ́ léfòó nítorí pé ó fúyẹ́, a sì fi òkúta kékeré tẹ̀ ẹ́. Ìfóòfó wá ń yọ: afẹ́fẹ́ ń jáde, omi ń gba ipò rẹ̀. Láti ìdí ni omi ti ń gun òkè, bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà.

Ó tó wákàtí 2 kí ojú iyẹ̀pẹ̀ tó dúdú. Ìfóòfó ti dáwọ́ dúró, àlàfo ti dí, ike sì ti wúwo. A gbé e lé orí òkúta méjì kí omi tó ṣẹ́kù ro dànù. Ẹ má fi sínú omi sùn o. Gbòǹgbò ń mí, bí omi bá gba gbogbo àyè afẹ́fẹ́, á jẹrà.

Bí ìkòkò bá ga, omi lè má dé òkè. Ẹ fi ọwọ́ wọ́n omi díẹ̀ sí ojú rẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún wọ́n. Omi tó ń gòkè máa ń kó iyọ̀ ìgbẹ́ adìẹ wá sójú iyẹ̀pẹ̀, á funfun bí eérú. Nítorí náà, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ da omi gba òkè títí yóò fi jáde nídìí, kí ó fọ̀ ọ́.

Kí a tó ṣe gbogbo èyí, ìyá àgbà ti fi èékánná ha èèpo igi ẹfinrin náà. Lókè, ó pọ́n, ó gbẹ. Nísàlẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Ká ní ó gbẹ dé ìdí ni, omi básíà kò ní rí nǹkan kan ṣe sí i. Mo gé apá òkè dànù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ewé tuntun yọ ní oríkèé ìsàlẹ̀, nígbà tí oṣù kejì sì fi ń parí lọ, mo já ẹ̀kúnwọ́ kan fún ìyá àgbà, ó fi se ọbẹ̀.