Ọgọ́rùn-ún Ẹgbẹ̀rún Tí Dọ́là Kò Mọ̀ Nípa Rẹ̀

Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, dọ́là gbówó lórí lójijì. Lọ́jà tí ìjọba fọwọ́ sí, ó kúrò ní nǹkan bí 900 náírà, ó kọjá 1,400 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, iye dọ́là tí àwọn aṣọ́bodè fi ń ṣírò owó ibodè kúrò ní 951, ó di 1,356. Ẹrù tó ti gúnlẹ̀ sí Àpápá tẹ́lẹ̀ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá kan láti Iléṣà ti gba ìwé ìdíyelé sólà lọ́wọ́ oníṣòwò kan l'Òkè-Fíà, Òṣogbo: 2,200,000 náírà. Ó san 600,000 sílẹ̀, oníṣòwò sì fi gbogbo rẹ̀ ra páńẹ́lì, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ bàbá sára páálí wọn. Nígbà tí dọ́là yí padà, oníṣòwò pe bàbá: "Bàbá, ẹ má bínú, ó ti di 2,750,000."

"Ọmọ, ṣé o fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni? Kò sí ohun tí dọ́là kàn nínú owó iṣẹ́ rẹ!"

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ọmọ Òṣómàáàlò ni, ó mọ owó í ṣírò. Ó wọkọ̀ wá sí Òṣogbo, wọ́n sì jókòó ti ìwé náà.

Nínú 2,200,000 yẹn, ọjà òkè òkun jẹ́ 1,500 dọ́là, tí oníṣòwò ṣírò ní 1,200 náírà tó ń ra dọ́là nígbà náà: 1,800,000. Owó iṣẹ́, ọkọ̀ àti irin tí wọ́n jó ládùúgbò jẹ́ 400,000. Ní 1,500 náírà tó ń rà á báyìí, ọjà á di 2,250,000, àpapọ̀ á sì di 2,650,000. Àmọ́ gbogbo ìwé pátá ni oníṣòwò fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún, títí kan owó iṣẹ́. Ibẹ̀ ni 100,000 ti jẹ yọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Páńẹ́lì tó ti wà nílẹ̀ jẹ́ 500 dọ́là, iye àtijọ́ ni wọ́n sì fi rà á. Ínfátà àti bátìrì tó kù, 1,000 dọ́là, nìkan ni ìyípadà kàn: 1,500,000. Ẹ fi 600,000 àti 400,000 kún un, ó di 2,500,000. Bàbá ka páálí tó ní orúkọ rẹ̀, ó sì san ìyókù.

Láti ọjọ́ náà, ìwé ìdíyelé oníṣòwò náà ní abala méjì: ohun tí dọ́là gbé dání, pẹ̀lú iye dọ́là àti ọjọ́ tó ṣírò rẹ̀, àti ohun tí dọ́là kò kàn. Ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ni iye náà máa dúró, àti pé ohun tí a bá ti fi owó ìdúró rà kò ní wọ́n mọ́. Nígbà tí náírà tún lágbára díẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn tó gba ìwé ní oṣù kejì padà wá béèrè pé kí ó dín in kù. Ó dín in, ìlà kan náà nínú ìwé ló sì fi ṣírò rẹ̀.