Ṣé Ẹni Tí Ọmọ Sú Kò Fẹ́ràn Ọmọ Ni?



Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbí, òtútù orí òkè máa ń wọlé ní ìdájí. Ọmọ mi kò tíì pé ogójì ọjọ́ nígbà náà. Ó mu ọmú ní aago méjìlá òru, ó tún mu ní aago méjì, nígbà tó di aago mẹ́rin ó tún figbe ta. Oorun ti ń gbé ìyá rẹ̀ lọ lórí ìjókòó. Mo gbé ọmọ lé èjìká, mò ń rìn yí yàrá ká, ni èrò kan bá sọ sí mi lọ́kàn pé, "Kí ni mo tilẹ̀ ń wá tí mo fi bímọ?" Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mò ń dífá fún àwọn tó ń sunkún ọmọ, ṣé èmi náà ni ọmọ wá sú báyìí?

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọ tuntun kì í ṣe é láti fìyà jẹni. Ikùn rẹ̀ kéré, ọmú sì tètè ń dà nínú rẹ̀. Nítorí náà ó lè mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹni tí wọ́n ń jí báyẹn lójoojúmọ́, kò sí bí kò ṣe ní rẹ̀ ẹ́.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn ni Ìwòrì Méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ifá mọ ìtàn náà. Àwọn ènìyàn ń fi Ọ̀rúnmìlà ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní bímọ. Nígbà tó yá, ó bí mẹ́jọ. Àlárá wà nínú wọn, Ajerò náà wà níbẹ̀. Ará ilé wa ni wọ́n, torí Arámọkọ àti Ìjerò kò jìnnà sí wa. Ọlọ́wọ̀ ni àbíkẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan tí bàbá ń ṣọdún, gbogbo wọn wá, wọ́n kí i bó ti yẹ. Ọlọ́wọ̀ nìkan ló dúró. Ó ní òun náà dé adé bí bàbá òun ṣe dé e, òun kò ní wí i. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó sì gba ọ̀run lọ.

Ẹ wò ó o. Ẹni tó wá ọmọ títí, tí wọ́n fi ṣẹ̀sín, òun náà ni ọmọ mú kó fi ilé sílẹ̀. Ifá kò fi í pamọ́. Nítorí náà, kí ọmọ súni kì í ṣe ẹ̀rí pé ìfẹ́ kò sí. Ẹni tí kò bìkítà, kí ni yóò bí i nínú?

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Nígbà tí bàbá lọ, aboyún kò bí mọ́, oko kò ṣe dáadáa, ayé dàrú. Lílọ ní ohun tó ń bàjẹ́. Àwọn ọmọ wá bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò padà mọ́. Síbẹ̀ ó ní kí wọ́n tẹ́ ọwọ́, ó sì fi ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́, pé ohun tí wọ́n bá ń wá, kí wọ́n máa bi í léèrè.

Èyí ni mo mú níbẹ̀: àárẹ̀ kò ní ẹ̀bi, àmọ́ kí òbí má fi ọwọ́ ọmọ sílẹ̀ lófìfo. Bó bá fẹ́ kúrò, kó fi nǹkan sípò ara rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ náà, mo tẹ́ ọmọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo mí kanlẹ̀. Kò sí ohun tí ẹkún ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò ṣe fún un. Ìbínú ló léwu. Ẹ má gbọn ọmọ jìgìjìgì láé, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà mo kan ìlẹ̀kùn ìyá mi. Kò bi mí ní ohunkóhun, ó kàn ní, "Gbé e wá, lọ sùn." Ọwọ́ ìyá mi ni ikin tèmi lóru yẹn.

Àárẹ̀ lásán, oorun ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọ bá ń sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò lè sùn kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Bó bá ń sọ pé òun fẹ́ ṣe ara òun tàbí ọmọ léṣe, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bẹ́ ẹ bá dífá, ẹ dá a, àmọ́ ẹ má fi jókòó sílé.

Nígbà tí mo jí, ọmọ ń wò mí láti ẹ̀yìn ìyá mi. Ara ṣì ń ro mí o. Mo sì fẹ́ gbé e.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.