Ẹni Tó Mọ Àṣà Ọ̀tá Rẹ̀

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Apẹja tó ń ti Ayétòrò wa ọkọ̀ ní etíkun Ìlàjẹ kì í kàn ju àwọ̀n sómi lásán. Ó ti fi ọdún gbọọrọ wo ibi tí ẹja ń gbà nígbà tí omi bá ń kún àti nígbà tó bá ń fà. Àṣà ẹja ni ògiri tó lanu, àwọ̀n apẹja sì ni aláǹgbá. Ṣùgbọ́n ẹja kò lè wo ojú apẹja kó wí pé, "Hẹn-ẹn, mo ti mọ ohun tí o ń ṣe!" Ọmọ ènìyàn lè wí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká jọ yẹ ìbéèrè kan wò: ẹni tó bá mọ àṣà ọ̀tá rẹ̀, ṣé ó ti ṣẹ́gun náà nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí pápá bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, Chelsea àti Manchester United, àwọn ẹgbẹ́ méjì tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń torí wọn bára wọn jiyàn nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, pàdé ní ìlú Moscow láti du ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìwé ìmọ̀ràn kan ti dé ọwọ́ Avram Grant, kọ́ọ̀ṣì Chelsea. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Ignacio Palacios-Huerta ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Basque ní ilẹ̀ Sípéènì ni, ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Kí ló kan ọlọ́rọ̀-ajé pẹ̀lú pẹnáritì? Ẹ gbọ́ ná. Láti nǹkan bí ọdún 1995 ni ọkùnrin yìí ti ń kó fídíò pẹnáritì jọ. Bó bá ti wo ọ̀kan, á kọ ọ́ sílẹ̀: ẹsẹ̀ wo ni agbábọ́ọ̀lù fi gbá a, apá ibo ni bọ́ọ̀lù gbà, apá ibo ni aṣọ́lé fò sí, ṣé bọ́ọ̀lù wà nílẹ̀ ni àbí lókè, ṣé ó wọlé àbí kò wọlé. Nígbà tó fi máa di ọdún 2003, ó ti gbé ìwádìí jáde lórí pẹnáritì 1,417.

Mítà 11 péré ló wà láàárín bọ́ọ̀lù àti ilé. Bí aṣọ́lé bá ní kí òun dúró rí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, bọ́ọ̀lù á ti wà nínú àwọ̀n. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ní láti yan apá kan lẹ́ẹ̀kan náà, láìrí ohun tí ẹnì kejì yàn. Ọgbọ́n tó dára jù níbẹ̀ ni pé kí o máa pa apá ọ̀tún àti apá òsì pọ̀, débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó kàn. Ohun tí ìwádìí náà rí ni pé àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, bí wọn ò tilẹ̀ kàwé nípa rẹ̀. Ògiri wọn kò lanu.

Ṣùgbọ́n ti Edwin van der Sar, aṣọ́lé Manchester United, lanu díẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ọ̀tún aṣọ́lé ni ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù láti gbá a sí. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì, ọwọ́ òsì aṣọ́lé ni. Van der Sar a máa fò sí apá tó rọ agbábọ́ọ̀lù lọ́rùn yìí ju bí àwọn aṣọ́lé yòókù ti ń ṣe lọ. Èkejì, bọ́ọ̀lù tó bá wà ní agbedeméjì, bíi mítà 1 sí mítà 1.5 sílẹ̀, ni ó máa ń mú jù. Ìmọ̀ràn náà kò lọ́ pọ̀: kí ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún gbá a sí ọwọ́ òsì rẹ̀, kí ẹlẹ́sẹ̀ òsì gbá a sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kó sì wà nílẹ̀ pátápátá tàbí lókè réré.

Ẹ lè bi mí pé, báwo la ṣe mọ̀ pé àṣà ni, pé kì í ṣe èèṣì? Ẹ mú owó wẹ́wẹ́, kí ẹ jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí orí fara hàn lẹ́ẹ̀meje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́fà, owó kò sì ní àṣà kankan. Ẹni tó bá wo pẹnáritì mẹ́wàá péré tó wá ń pariwo pé òun ti rí àṣírí, ara rẹ̀ ló ń tàn. Fídíò ọ̀pọ̀ ọdún ló ń ya àṣà sọ́tọ̀ kúrò lára èèṣì.

Àwọn kan á ní ojóró ni. Èmi ò rí ojóró níbẹ̀. Níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni Van der Sar ti ń fò. Kò sẹ́ni tó yọ́ wọ yàrá rẹ̀. Ohun tí a ṣe ní gbangba, ẹni tó bá lójú ló ni ín.

Ẹ wá wo bó ti rí lọ́jọ́ náà. Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n ta, àfikún àkókò náà kò sì yí i padà. Wọ́n ti lé Didier Drogba, ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, kúrò lórí pápá. Ó wá di pẹnáritì. Ballack, Belletti àti Lampard gbá tiwọn sí ọwọ́ òsì Van der Sar, gbogbo rẹ̀ wọlé. Ashley Cole, ẹlẹ́sẹ̀ òsì, gbá tirẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Aṣọ́lé fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó wọlé. Petr Cech ti mú ti Ronaldo. Bí John Terry bá ti lè gbá ìkarùn-ún wọlé, ìjà parí. Terry gbá a sí ọwọ́ òsì kan náà, Van der Sar sì fò sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìmọ̀ràn ṣẹ! Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀, ẹsẹ̀ Terry yọ̀, bọ́ọ̀lù sì kọlu òpó.

Kalou gbá ìkẹfà sí ọwọ́ òsì náà, ó wọlé. Ó wá kan Nicolas Anelka. Van der Sar na ọwọ́, ó tọ́ka sí apá òsì ara rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, "Ibẹ̀ lẹ máa ń gbá a sí, àbí?" Kí ni Anelka máa ṣe? Bó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn, ọ̀tá ti mọ̀. Bó bá yí i padà, ọwọ́ ọ̀tún tí ọkùnrin náà fẹ́ràn láti fò sí ló ń lọ. Ó yí i padà. Ó gbá a sí ọwọ́ ọ̀tún, ní agbedeméjì gan-an tí ìwé kìlọ̀ fún. Van der Sar mú un. 6-5, Manchester gba ife.

Ṣé ìmọ̀ràn náà burú ni? Rárá o. Ọ̀nà ni ìmọ̀ ń là, kò lè dá ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ dúró. Ẹni tó bá torí Terry sọ pé ìwé náà kò wúlò kò ṣèdájọ́ òdodo. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni èyí: bọ́ọ̀lù mẹ́fà sí apá kan náà. Chelsea wá àṣà lára ẹlòmíràn títí wọ́n fi sọ ìmọ̀ wọn di àṣà tiwọn, ọ̀tá sì kà á níṣẹ́jú díẹ̀ láìsí fídíò kankan. Ohun tó tún dùn mí ni pé oògùn rẹ̀ wà nínú ìwé náà. Ká ní Cole gbá tirẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún bí ìwé ti pàṣẹ fún ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni, Van der Sar kì bá tí rí ibì kan tó máa tọ́ka sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, mímọ àṣà ọ̀tá kò tíì tó ìṣẹ́gun. Ẹni tó rí ihò lára ògiri ẹlòmíràn, tó wá ń gba ibẹ̀ wọlé lójoojúmọ́, òun náà ti ní ipasẹ̀ tí a lè tọ̀.