Ta Ni Baba Nínú Fótò?

"Ẹni tí a bá lábà ni baba." Òwe tí ẹ̀gbọ́n mi kan fi pa mí lẹ́nu mọ́ nìyí, nígbà tí mo ní ọ̀rọ̀ ìkíni tí wọ́n kọ fún ìpàdé ẹbí wa ní Glazoué kò pé. Inú fótò tí a yà lọ́sàn-án ni wọ́n ti ṣa orúkọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó jókòó láàárín, wọ́n sì parí sórí àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀. Ẹni tí fótò bá fi hàn ni wọ́n ní ká kí.

Òwe náà kò ṣòro. Bí àlejò bá dé oko tí kò bá olóko, ẹni tó ń ṣọ́ abà ni yóò kí bíi baba. Ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo fótò náà. Ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, ọdún 2018 la yà á, Ọjọ́rú sì ni. Ìsinmi ìjọba ni fún àwọn tó ti Kútọnu wá. Ọjọ́rú kan náà ni ọjà Glazoué ń ná, nítorí náà ìdí iṣu ni àwọn ìyá wa wà nígbà tí ayàwòrán ní ká tò. Àwọn tó ń dáná wà lẹ́yìn ilé; ọwọ́ kan tó di orógùn mú nìkan ló yọ létí fótò. Baba tó dàgbà jù dúró lẹ́yìn, torí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n bí wọ́n bá jókòó pẹ́. Àbúrò wọn tó háyà àga ló wà láàárín.

Ká ní bẹ́ẹ̀ la ka ọ̀rọ̀ ìkíni náà ni, ẹni tó ni àga ì bá di olórí ẹbí, àwọn ìyá ì bá sì ti ọjà dé, igbá lórí, kí wọ́n bá wa níbi tí a ti ń kí gbogbo ilé láìdárúkọ wọn. Owó iṣu wọn la sì fi ra ẹran.

Fótò wúlò láti rántí ẹni tó wá. Lẹ́yìn náà, kí akọ̀wé béèrè ta ló ṣàgbà, ta ni kò sí níbẹ̀, àti ohun tó gbé e lọ. Bí a ṣe tún un kọ nìyí:

"Baba wa tó dúró lẹ́yìn, a júbà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àbọ̀ ọjà. Ẹ̀yin tó ń dáná, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tó ti Kútọnu àti Abẹ́òkúta dé, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin ọmọ, ilé baba yín rèé. Ẹ̀yin tí kò lè wá, a ò gbàgbé yín."

Ìjà tí mo bá òwe yìí jà ni pé kì í béèrè ibi tí olóko lọ. Kò burú fún àlejò, tí kò mọ ẹni tó ni oko. Ọmọ ilé mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ ilé bá ń pa òwe àlejò nínú ilé baba rẹ̀, ó fẹ́ fi ẹnì kan pamọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹbí káàbọ̀ ní Glazoué lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kó jẹ́ kí ọjà tú ná.