Ẹ̀rí Ìyá Ẹlẹ́ja

Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan wá bá mi pé kí n bá àwọn ṣe fídíò ẹ̀rí, torí èmi ni mo máa ń ya fídíò ní ìjọ wa. Ẹnìkan ti bá wọn kọ ohun tí wọ́n máa sọ sílẹ̀: "Dókítà ní ikú ló kàn. Olúwa wò mí sàn pátápátá, mo bọ́ lọ́wọ́ oògùn."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ò lo oògùn mọ́ ni?"

"Háà! Mo lò ó láàárọ̀ yìí, ọmọ mi."

Wọ́n fi káàdì ọsibítù wọn hàn mí. Ẹ̀jẹ̀ wọn wà ní 190 lórí 110 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń lo oògùn, tí wọ́n sì dín iyọ̀ kù, ó wálẹ̀ sí 130 lórí 80. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ikú sí. Ara ìyá yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn ló ń ká ẹ̀jẹ̀ náà lọ́wọ́ kò. Bí èèyàn bá pa á tì, ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ru padà, ó sì lè má fi orí fífọ́ lásán kìlọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "mo bọ́ lọ́wọ́ oògùn" lè lọ da tiẹ̀ nù, kí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e dè.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èyí ò ní àríyànjiyàn. Àmọ́ òtítọ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ wà nínú ohun tí Wándé Abímbọ́lá kà mọ́ ìwà ọmọlúàbí. Lọ́dún 2004, ìjọba fòfin de iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí lórí tẹlifíṣàn. Fídíò tiwa, orí fóònù ló ń lọ. Ọwọ́ wa ló kù sí.

A tún un kọ: "Ẹ̀jẹ̀ mi ru, ẹ̀rù bà mí. Mo gbàdúrà, mo sì lọ sí ọsibítù. Ó ti wálẹ̀ báyìí. Mo ṣì ń lo oògùn mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti àwọn tó tọ́jú mi."

Ìyá ò fẹ́ kí àwọn àna wọn tuntun gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Orúkọ nìkan kọ́ ni mo yọ. Mo yọ ọjà tí wọ́n ń tà, mo ká kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọlọ́jà kúrò lára ògiri. (Ẹja kọ́ ni wọ́n ń tà, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ níbí náà.) Mo lè fi fóònù yí ohùn wọn padà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ á ṣì dá wọn mọ̀. Ọmọbìnrin kan ló bá wọn kà á, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ohùn ẹlòmíràn ni. Ọwọ́ wọn nìkan ni mo yà.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó kó tó jáde. Wọ́n wò ó tán, wọ́n mi orí.

"Àpá ọwọ́ mi yìí ńkọ́? Ìyá ọkọ ọmọ mi ló bá mi fi òróró pa á lọ́jọ́ ìdána."

A tún un yà. Ife tíì ni mo yà lọ́tẹ̀ yìí.