Ìjà Ló Dé Lorin Dòwe

Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń ta ayò ọlọ́pọ́n mọ̀ pé èébú wà lára eré náà. Ọ̀ta ni wọ́n ń pe ẹni tó ń pa ẹnìkejì rẹ̀ láyò, ọ̀pẹ sì ni ẹni tí wọ́n ń pa. Bí ọ̀ta ti ń ta ni yóò máa bú ọ̀pẹ, pé ojú rẹ̀ ti fọ́, pé ọwọ́ rẹ̀ ti kú, pé kó kó ọmọ ayò lọ fi se ọbẹ̀. Ọ̀pẹ náà kò ní dákẹ́, òǹwòran á sì máa rẹ́rìn-ín. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé ọpọ́n wọlé, ọ̀ta àti ọ̀pẹ á jọ rìn lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń fi rẹ́rìn-ín látọdún mẹ́wàá á gún ọ̀kan nínú wọn bí abẹ́rẹ́. Á dìde, á da ayò nù, á di ọrùn aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Àwọn tó wà níbẹ̀ á máa bi ara wọn léèrè pé kí ló dé, ṣebí eré ni? Àwọn àgbà ti dá wọn lóhùn tipẹ́: ìjà ló dé lorin dòwe.

Bí ọ̀pọ̀ wa bá pa òwe yìí, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé ẹnì kan ń fi orin bú ẹlòmíràn. Òótọ́ ni, àmọ́ ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí agbo ilé tí orogún pọ̀ sí. Ìyàwó kan kúnlẹ̀ ti ọlọ, ó ń lọ ata, ó ń kọrin tí gbogbo ilé mọ̀. Lọ́jọ́ tí ara tu ilé, ìyáálé á gbè é láti inú yàrá. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì tahùn síra wọn lórí omi tí ẹnì kan bù láìtọrọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyàwó tún kúnlẹ̀ ti ọlọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ orin àná. Ọ̀rọ̀ inú orin kò yí padà, ohùn rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ìyáálé ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ṣé èmi lò ń bá wí?” Orin ti di òwe nìyẹn. Òwe tí ibí yìí ń wí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lásán. Ọ̀rọ̀ tí a pa mọ́ ènìyàn ni, èyí tí ẹni tí à ń bá wí ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo bí òwe náà ṣe to ọ̀rọ̀ tẹ̀ léra. Kò sọ pé orin ló dé tó fi dìjà. Ìjà ló kọ́kọ́ dé, orin ló tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí yẹ̀yẹ́ bá dìjà láàárín ọ̀rẹ́ méjì, òwe yìí ń kọ́ wa pé ká má ṣe wá orísun ìjà sínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn. Ìjà náà ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Òwe yìí kò sì gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ó lè jẹ́ pé ìyàwó mọ̀ọ́mọ̀ mú orin yẹn kó lè bú ìyáálé láìdárúkọ. Ó sì lè jẹ́ pé orin lásán ló ń kọ, tó jẹ́ etí ìyáálé ló sọ ọ́ dòwe. Ẹni tó dúró lóde kò lè mọ̀, nígbà mìíràn ẹni tó ń kọrin gan-an kò mọ̀ tán. Ìdí nìyí tí ẹni tó bínú àti ẹni tó ní eré lòun ń ṣe fi jọ ní ìbéèrè láti dáhùn. Ẹni tó bínú gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé, “Lánàá mo fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín, kí ló wọ̀ ọ́ lónìí?” Ẹni tó ń ṣeré náà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé, “Nínú gbogbo àpárá tí mo mọ̀ ọ́n dá, kí ló dé tó jẹ́ èyí ló bọ́ sí mi lẹ́nu?”

Yorùbá kò kórìíra yẹ̀yẹ́, a tilẹ̀ ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un. Ní Kétu àti lágbègbè rẹ̀, òru ẹ̀fẹ̀ máa ń ṣáájú ìran Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹlẹ́fẹ̀ a sì máa fi orin tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ láìbẹ̀rù. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, àwọn èèyàn a máa kọ orin èébú kiri ìgboro, a kì í sì í bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sí ọ lójú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbátí ni yóò fi gbọ́. Ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, gbogbo ìlú ló sì mọ ìgbà tí ààyè ti pa dé.

Yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ kò ní ọjọ́ tirẹ̀. Ohun tó mú un dúró kò ju méjì lọ: pé ẹni tí a bú lè bú wa padà, àti pé ohun tí a fi bú u kì í ṣe òótọ́ tó ń dùn ún. Bí o bá ní orí ọ̀rẹ́ rẹ dà bí agbọ̀n, ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé orí kò lè di agbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí o bá fi àìrọ́mọbí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ẹni tó ń wọ́mọ, o ti kúrò níbi eré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú inú wo ọ̀rẹ́ méjì kan tí wọ́n jọ ń ta ayò, ọ̀kan jẹ́ télọ̀, èkejì jẹ́ káfíńtà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, télọ̀ yá 20,000 náírà lọ́wọ́ káfíńtà láti fi san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, ó ní òun á dá a padà níparí oṣù. Oṣù parí, owó kò wá. Káfíńtà kò béèrè nítorí ojú ń tì í, télọ̀ náà kò dárúkọ rẹ̀ nítorí ojú ń ti òun náà. Wọ́n ṣì ń ta ayò. Lọ́jọ́ kan, télọ̀ tí wọ́n ti ń pa láti àárọ̀ ta ayò, ọmọ ayò tó gbẹ̀yìn bọ́ sí ojú ilé káfíńtà, ó di mẹ́ta, télọ̀ sì jẹ ẹ́. Bó ti ń kó o ni káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀pẹ! Jíjẹ lo mọ̀, o ò mọ sísan.”

Ayò ni à ń jẹ, gbèsè náà ni à ń jẹ. Òǹwòran gbọ́ ti ayò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ gbọ́ ti gbèsè.

Kí ọwọ́ tó dé ọrùn aṣọ, àmì ti wà. Télọ̀ kò dá àpárá padà, bẹ́ẹ̀ àpárá ló máa ń fi dá àpárá lóhùn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó fi orúkọ ìnagijẹ sílẹ̀, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní orúkọ àti ti baba rẹ̀: “Kí ló wà lọ́kàn rẹ gan-an?” Ẹni tó bá gbọ́ irú ìbéèrè yẹn kó mọ̀ pé eré ti parí. Tó bá lọ dáhùn pé, “Ṣé o ò mọ eré ni?”, epo ló bù síná, nítorí ó ti sọ fún ẹni tó fara gbọgbẹ́ pé kò gbọgbẹ́, ó sì tún fi kún un pé òmùgọ̀ ni.

Ohun tó yẹ kí káfíńtà ṣe kò gùn. Kó dẹ́kun ẹ̀rín, kó ní, “Ó dùn ọ́. Má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ níbí.” Kó má ṣàlàyé. Àlàyé níwájú èrò á tú àṣírí gbèsè tó ti ń dun télọ̀ tẹ́lẹ̀. Télọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó má wá èébú tó tóbi ju èyí tí wọ́n bù ú lọ. Bó bá lè ní, “A máa sọ̀rọ̀ yìí tó bá di alẹ́,” ó ti fa ìjà kúrò lójú ọpọ́n lọ síbi tí wọ́n ti lè tú u. Ohùn jẹ́jẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó.

Bí wọ́n bá ti di ara wọn mú ńkọ́? Òǹwòran ni iṣẹ́ kàn. Ẹ̀rín wọn ló gbé ọ̀rọ̀ náà ga, torí náà kí wọ́n kọ́kọ́ tú ká. Kí àgbà kan mú télọ̀ lọ sí ọ̀tọ̀, kí ẹlòmíràn mú káfíńtà. Kí wọ́n má ṣe pe ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹni tínú ń bí kò lè gba ẹ̀bi níwájú èrò. Lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì, kí àgbà gbọ́ ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n kì í ṣe, “Kí ló sọ sí ọ?” Kó ní, “Kí ló wà láàárín yín kó tó sọ ọ́?”

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní kí àbúrò dọ̀bálẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n gbà á dìde, wọ́n á ní ó tán. Wọ́n ti fòfin de orin, wọn kò fọwọ́ kan ìjà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, orin mìíràn á tún dòwe. Nínú ọ̀ràn télọ̀ àti káfíńtà, ìjà kò tíì parí àyàfi tí wọ́n bá dárúkọ 20,000 náírà yẹn láàárín ara wọn: iye tí télọ̀ lè mú wá báyìí, ọjọ́ tí ìyókù á dé, àti pé káfíńtà kò ní gbé e wá sójú ọpọ́n mọ́. Nínú ọ̀ràn mìíràn, ó lè jẹ́ pé kò sí gbèsè kankan nílẹ̀, pé ó kàn rẹ ẹnì kan lọ́jọ́ náà ni. Nígbà náà, ìtọrọ àforíjì ti tó.

Àwọn kan á ní Yorùbá ló sọ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rẹ́ni bá ṣeré. Òwe méjèèjì kò tako ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí a ti tú ni à ń gbàgbé. Èyí tí a bò mọ́lẹ̀ ń dúró de orin.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìpẹ̀tù, kí káfíńtà má tètè fi ọ̀rọ̀ jíjẹ àti sísan ṣeré mọ́, kódà bí gbèsè bá ti tán. Télọ̀ tó gbọgbẹ́ ló ni àpárá yẹn báyìí. Lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá jẹ ayò mẹ́ta, tó kó o sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó ní, “Ọ̀ta, mo jẹ, mo sì ti san,” tí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, òwe ti padà di orin.